Níbo ni Q jókòó?

Ọ̀gá mi kì í lo kọ́ńpáàsì lójú pátákó. Wọ́n á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí apá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òbìrìkìtì á ti pé, ìbẹ̀rẹ̀ á pàdé òpin. Àwọn ọmọ tuntun a máa pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ò ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ìyẹn ò le. Ta ló máa sọ fún mi ibi tí Q jókòó?"

Yàrá lẹ́sìn kékeré kan ní Ìbà ni. Nígbà òjò, tí ọ̀nà Ìyànà-Ìbà bá ti di ẹrẹ̀, ọ̀gá á ká ṣòkòtò dé orókún, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Tí iná bá lọ, a ó tan láńtánì, iṣẹ́ á máa bá a lọ. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Okokomáikò báyìí, bí mo bá sì fẹ́ ya àwòrán fún wọn, ohùn ọ̀gá ni mo máa ń gbọ́.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń di kọ́ńpáàsì mú, mi ò sì ní tún òfin igun àárín àti igun etí kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ka ìwé dé SS2 ti gbọ́ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìbéèrè tí wọ́n kọ láìya àwòrán sí i, tó jẹ́ pé ọmọ ló máa ya á fúnra rẹ̀. Ọ̀kan tí ọ̀gá fẹ́ràn nìyí: P, Q àti R wà lórí òbìrìkìtì tí àárín rẹ̀ ń jẹ́ O. Q wà lórí áàkì kékeré PR. Igun OPQ jẹ́ 64°, igun ORQ jẹ́ 55°. Wá igun POR.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ni pé wọ́n á fi P sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, wọ́n á fi R sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á gbé Q ka orí òkè, torí bí àwòrán inú ìwé wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n á fa ìlà láti O dé Q, wọ́n á ro 64 mọ́ 55, á di 119, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. 238! Wọ́n á wá kọ 238° sínú igun kan tí gbogbo ojú rí pé kò tó 180. Àwọn mìíràn á yọ ọ́ kúrò nínú 360 torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn á bọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwòrán wọn ṣì ń purọ́.

Bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é yàtọ̀. Wọ́n á ya òbìrìkìtì, wọ́n á fi O sí àárín, wọ́n á dúró. Wọn kì í fi P síbì kankan. Wọ́n á bi wá pé lẹ́tà wo ló wà létí òbìrìkìtì tó sì farahàn nínú orúkọ igun méjèèjì. Q ni. Torí náà Q ló máa kọ́kọ́ jókòó, ibi tó bá wù wá. Rédíọ́ọ̀sì OP àti OQ gùn bákan náà, nítorí náà igun tó wà ní P àti èyí tó wà ní Q dọ́gba, 64 àti 64, ó ku 52 fún O. Lápá kejì, 55 àti 55, ó ku 70 fún O. A ti wá mọ̀ pé láti orí ìlà OQ, bí a bá yí 52 dígírì, a ó bá P. Bí a bá yí 70, a ó bá R.

Ìhà wo la ó yí sí? Ibí ni ọ̀gá ti máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, tí wọ́n á sì pe ẹnì kan kó tún ìbéèrè kà. Bí a bá yí P sí òsì, tí a yí R sí ọ̀tún, Q á wà láàárín wọn, igun POR á jẹ́ 122°, ọ̀nà tó kúrú jù láti P dé R á sì gba ọ̀dọ̀ Q kọjá. Ohun tí "áàkì kékeré" ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá yí àwọn méjèèjì sí ọ̀tún, P á wà ní 52, R á wà ní 70, 18° péré ló máa wà láàárín wọn, Q á sì bọ́ sórí áàkì ńlá. Nọ́ńbà kan náà, 64 àti 55: bí wọ́n bá kọ "kékeré", 122 ni, bí wọ́n bá kọ "ńlá", 18 ni. Mo ṣì rántí bí yàrá ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá fi èyí hàn wá. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pariwo pé, "Sà, nígbà kan ẹ rò ó pọ̀, nígbà kejì ẹ yọ ọ́!" Wọ́n ní kó wá gba ṣọ́ọ̀kì.

Òótọ́ ló sọ. Yúklídì tó wà ní Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú Kristi, fi ìdí òfin igun àárín yìí múlẹ̀ nínú Ìwé Kẹta rẹ̀, abala ogún. Ó ṣe é lọ́nà méjì: ó rò ó pọ̀ níbi tí àárín wà nínú igun, ó sì yọ ọ́ níbi tí àárín wà níta rẹ̀.

Nípa lẹ́tà, ọ̀gá le koko. P, Q àti R gbọ́dọ̀ wà níta òbìrìkìtì, kí ìlà má gba orí wọn kọjá. O á wà níbi tó ṣófo. Nínú àwòrán 18° yẹn, ẹ̀yìn ló máa lọ, torí pé OP àti OR ti fún pọ̀ níwájú. Kí a tó kọ 64, wọ́n á fi ìka tẹ lẹ́tà àárín nínú OPQ, ìyẹn P, torí àwọn ọmọ a máa sáré kọ ọ́ sí O tó kọ́kọ́ hàn. Bí wọ́n bá rí i pé P, O àti R fẹ́ẹ̀ tò sórí ìlà kan nínú ìwé rẹ, wọ́n á béèrè pé, "Ta ló fún ẹ ní dáyámítà?" Nítorí ẹni tó bá ya á bẹ́ẹ̀ á ki 90° bọ Q láìpẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ti fọ́tókópì títí ìrù Q fi parẹ́ tó di O. Ọmọ á ní O méjì lọ́wọ́, kò ní bìkítà, ìdáhùn ṣáà ti wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn mìíràn ń dúró de fóònù kó gbé e wá. Wọ́n a sì máa tọ́ka sí ohun tí WAEC ń kọ sábẹ́ àwòrán, pé kò bá ìwọ̀n mu, bí ẹni pé àṣẹ ni láti ya jágbajàgba. Ìwọ̀n lè yẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra yí òbìrìkìtì ká kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ní ìparí, ọ̀gá a máa fi S kún un, lórí áàkì ńlá PR, láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Igun PSR á jẹ́ ìdajì 122, ìyẹn 61. Q àti S kò sí níhà kan náà, nítorí náà 61 àti 119 tó wà ní Q gbọ́dọ̀ jẹ́ 180, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbé Q ka orí òkè á bá S lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, òfin á sì ní kí igun méjèèjì dọ́gba. 119 kò sì lè dọ́gba pẹ̀lú 61, láéláé.