Aró Lójú Fóònù

Mo kan sáárá sí ayàwòrán tó bá oníṣòwò àdìrẹ yan àwọ̀ tí ojú fóònù lè gbà. Aró, #1F2A5C, ló fi kọ ọ̀rọ̀ sórí funfun. Ó hàn ketekete. Àwọ̀ wúrà, #FFD700, kò kọjá ọ̀ṣọ́: lórí funfun, ìyàtọ̀ wọn kò tó 1.5 sí 1, bẹ́ẹ̀ 4.5 sí 1 ni ìlànà WCAG ń béèrè fún ọ̀rọ̀ kéékèèké.

Noto Sans ló fi kọ ọ́, nítorí àmì Yorùbá pé síbẹ̀. Ó fẹ àyè àárín ìlà sí 1.6, kí àmì ohùn má baà kan ìlà òkè. Kò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, torí ìlà a máa bo àmì abẹ́: ẹni tó ń wá “ọjà” á rí “ojà”. Lẹ́yìn náà ló kà á nínú oòrùn ọ̀sán, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú.