Iṣu Mẹ́tàlélógún: Ìṣẹ́kù àti Orúkọ Òǹkà nínú Ìtàn Àgbẹ̀ Kan

Ìtàn kúkurú tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí wà fún kíkọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní pínpín tí ó ní ìṣẹ́kù. Àgbẹ̀ kan wa iṣu 23, ó sì fẹ́ pín in lọ́gbọọgba fún àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún. Ó ń fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi yípo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Iṣu mẹ́rin mẹ́rin kàn wọ́n, mẹ́ta sì ṣẹ́kù. Àkọ́bí nawọ́ sí mẹ́ta yìí, nítorí pé àgbà ni í kọ́kọ́ mú. Bàbá dá a dúró: bí ọmọ mẹ́ta bá mú un, méjì yóò pòfo, ìpín kò sì ní dọ́gba mọ́. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣu inú ìtàn náà ń kọ́ni ní ìṣirò, tàbí ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti fakọ yọ jù ni ibi tí àbígbẹ̀yìn ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà pín in. Ó fún olúkúlùkù ní mẹ́ta mẹ́ta, ó sì kéde pé mẹ́jọ ló ṣẹ́kù. Bàbá kò sọ fún un pé kò gbà á. Ohun tí ó bi í ni pé, “Mẹ́jọ yìí, ṣé kò lè yí yín po lẹ́ẹ̀kan sí i?” Ọmọ náà kà á wò, ó sì rí i pé ó lè yí wọn po. Gbogbo òfin ìṣẹ́kù wà nínú ìbéèrè kan yìí: ìṣẹ́kù gbọ́dọ̀ kéré sí iye àwọn tí a ń pín nǹkan fún. Bí ó bá tó iye wọn tàbí tí ó jù ú lọ, pínpín kò tí ì parí. Ọmọ tí ó bá ka ìtàn yìí lè fi òfin náà yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò láìdúró de olùkọ́.

Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀, a ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà ju kí a kàn wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó wà nínú èdè mìíràn. Ìtàn yìí fi ìdí rẹ̀ hàn. Mẹ́tàlélógún ni orúkọ 23, ìyẹn ni pé mẹ́ta lé ní ogún. Ogún pín sí ọ̀nà márùn-ún láìṣẹ́kù, nítorí náà mẹ́ta tí ó lé nínú orúkọ náà gan-an ni mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù nílẹ̀. Etí ọmọ ti gbọ́ ìdáhùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan iṣu.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá tún mú iṣu 17 wá, àkọ́bí sáré dáhùn pé mẹ́ta ni yóò ṣẹ́kù, nítorí pé ó gbọ́ “mẹ́ta” nínú mẹ́tàdínlógún. Mẹ́ta yìí dín ni, kò lé. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé kí mẹ́rin mẹ́rin tó lè kàn wọ́n, iṣu mẹ́ta ṣì kù tí a ó wá. Ní ìyípo kẹrin, ọmọ méjì péré ni yóò rí mú. Bí a bá gba méjì yẹn padà, mẹ́ta mẹ́ta ló kàn wọ́n, méjì sì ṣẹ́kù. Òǹkọ̀wé fara balẹ̀ tọ àṣìṣe yìí dé orísun rẹ̀, ìyẹn sì dára. Ohun tí kò sọ ni pé ọ̀nà yìí kò gbéṣẹ́ níbi gbogbo. Bí àwọn ọmọ náà bá jẹ́ mẹ́fà, ogún kò ní pín dọ́gba, mẹ́tàlélógún yóò sì fi márùn-ún ṣẹ́kù, kì í ṣe mẹ́ta.

Ìparí ìtàn náà ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ìyá gé iṣu mẹ́ta àkọ́kọ́ sí márùn-ún márùn-ún, ó sè é, olúkúlùkù jẹ ègé mẹ́ta, òǹkọ̀wé sì wí pé kò sí ìṣẹ́kù mọ́. Odidi iṣu ni a ń kà tẹ́lẹ̀. Ègé ni ìyá ń kà. Ẹ̀kọ́ ìdá ti wọlé láìjẹ́ pé a kéde rẹ̀, ọmọ sì lè rò pé àbùkù ni ìṣẹ́kù jẹ́, tí a gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí. Bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé kò ṣàìní ìdí tí a kò fi ní gé iṣu náà. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé iṣu tí a bá ti fi ọ̀bẹ kàn kì í pẹ́ jẹrà, nígbà tí odidi iṣu lè wà ní abà fún oṣù díẹ̀. Ká ní bàbá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí abà, ìṣẹ́kù ì bá ní ipò tirẹ̀, ìdáhùn ì bá sì dúró bí ó ṣe yẹ: mẹ́rin mẹ́rin, ó ku mẹ́ta.