Òṣùwọ̀n àti Ọjọ́ Ìpadàwá

Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni kí onímọ̀ oúnjẹ mọ ohun tí yóò máa wọ̀n lára aláìsàn. Ká ní jẹjẹrẹ inú sọ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Sango-Ọ̀tà láti 70 kílò di 63 láàárín oṣù 6. Kílò nìkan lè tanni, torí omi inú ikùn lè gbé òṣùwọ̀n sókè nígbà tí ẹran ara ń dínkù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn apá rẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè bí ó ṣe jẹ àmàlà rẹ̀ tó. Àwọn kan á ní àyẹ̀wò àlùbúmìn inú ẹ̀jẹ̀ ló dájú. Ṣùgbọ́n àìsàn fúnra rẹ̀ ń fa àlùbúmìn wálẹ̀, bí aláìsàn tilẹ̀ jẹun. Ní ti ọjọ́ ìpadàwá, bí oògùn jẹjẹrẹ náà bá jẹ́ ọjọ́ 21 síra, kí wọ́n pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ oògùn, kí owó ọkọ̀ má di méjì. Bí ó bá ṣì ń rù, ètò oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ yẹn.