Bí A Ṣe Ń Ti Ìtumọ̀ Dé Ìdí Ọ̀rọ̀

Nínú iṣẹ́ àtúnṣe ìwé tí mo ń ṣe, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi kí ẹnì kan pè mí pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu òun tí òun kò rí sọ. Ó mọ ohun tó fẹ́ wí, ó lè ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná, orúkọ rẹ̀ nìkan ló fò lọ. Òǹkọ̀wé ló ń pè mí jù, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò náà kì í gbẹ́yìn. Ohun kan tí iṣẹ́ yìí fi hàn mí ni pé ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gba ohunkóhun tí a bá fún un. Ẹni tó gbàgbé yóò kọ gbogbo èyí tí kì í ṣe òun, kíá, láìronú. Kíkọ̀ yẹn gan-an ni mo máa ń tẹ̀ lé títí a ó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí a kò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. A ní in, a sì ń lò ó. Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ ní 1843, ó fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1852. Ti ìjọ C.M.S. jáde ní 1913. Ní 1958, ti Abraham jáde, ti Isaac Delano tó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá náà sì jáde. Ìwé ńlá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí a, b, d ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú wọn. Kí o tó rí ọ̀rọ̀, o ní láti mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tí ẹni tó gbàgbé kò sì ní lọ́wọ́ nìyẹn. Ní 1852 kan náà tí ìwé Crowther ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Mark Roget, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tò ní ti ìtumọ̀: ọ̀rọ̀ ìbínú wà lójú kan, ọ̀rọ̀ ìrìn wà lójú kan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń kọ ìwé pélébé-pélébé tèmi. Oko ní àpótí tirẹ̀, àgbẹ̀dẹ ní tirẹ̀, ìdí ààrò ní tirẹ̀, àkókò òòjọ́ náà ní tirẹ̀, láti ìdájí dé ìyálẹ̀ta, láti ìrọ̀lẹ́ dé ọ̀gànjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín bí ó ṣe lọ. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀ lábúlé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n jọ ń kọ ebè. Lónìí gbogbo wọn á wà lóko Òjó, lọ́la wọ́n á wà lóko Àjàní, títí yóò fi kárí. Níbikíbi tí bàbá bá ti fẹ́ dárúkọ ètò yìí, ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ìtàn á sì dúró. Wọ́n ní, “Ó ní orúkọ. Bàbá mi máa ń dá a lójoojúmọ́. N kò kàn rí i mú ni.”

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í jẹ́ “Kí ni?” Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń ṣe é, ta ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ni yóò sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìdí ni pé àlàyé tí ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe máa ń gbòòrò jù. Bí bàbá ṣe sọ ọ́, “iṣẹ́ àjọṣe lóko,” ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún ló lè gbà á. Nítorí náà mo fi èyí tó sún mọ́ ọn jù dán wọn wò. “Bàbá, ṣé ọ̀wẹ̀ ni?”

“Rárá o! Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń wá oúnjẹ àti ẹmu, tí wọ́n bá jẹun tán, ó parí. Tiwa, bí mo bá kọ ebè tìrẹ lónìí, gbèsè ni. O gbọ́dọ̀ wá kọ tèmi.”

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òun yìí mú jáde. Nínú gbogbo àlàyé tí bàbá ti ṣe, wọn kò mẹ́nu kan gbèsè. Ó wà nínú ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àfìgbà tí ọ̀wẹ̀ fara kàn án ló tó sọ̀rọ̀. Mo wá mú ọ̀rọ̀ kejì: “Ó ha jọ èsúsú bí?” Bàbá dákẹ́ díẹ̀. “Ó jọ ọ́. Bí èsúsú ṣe ń kárí náà ló ń kárí. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń dá ní èsúsú, agbára là ń dá tiwa.” Ní báyìí, a ti mọ̀ pé ohun tí a ń wá dà bí èsúsú ní ti yíyípo, ó dà bí ọ̀wẹ̀ ní ti iṣẹ́, kì í sì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ààyè tó kù láàárín àwọn méjèèjì kò fẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti yí sí ìró. Ní 1966, Roger Brown àti David McNeill ní Yunifásítì Harvard tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí, kí wọ́n dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu kò rí i sọ, síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti iye sílébù rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ ní dídún a sì máa wá sí wọn lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò. Àwa ní ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, ohùn ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ohùn máa ń pẹ́ nínú orí ju lẹ́tà lọ. Nítorí náà mo ní, “Bàbá, ẹ má pè é. Ẹ kàn fi imú kùn ún, bí ìgbà tí gángan bá ń sọ ọ́.”

Wọ́n kùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì dúró sókè: dò, mí, mí. Wọ́n tún fi kún un pé, “Àárọ̀ ló ń wá sí mi lẹ́nu ṣáá, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àárọ̀.” Òótọ́ ni. Dò, mí, dò ni àárọ̀. Ìparí rẹ̀ já wálẹ̀, ti bàbá kò já. Ààrò tí a fi ń dáná kò lè jẹ́ òun pẹ̀lú, nítorí ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohùn tirẹ̀ wà. Bí a bá fi ohùn nìkan wá a, a kò ní dé ibì kan, torí ọ̀rọ̀ tó ní dò, mí, mí pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n a ti ní ìtumọ̀ lọ́wọ́ kan, a ní ohùn lọ́wọ́ kejì, a sì ní ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Mo ní, “Àáró.”

Bàbá pariwo lórí fóònù. “Àáró! A máa ń ṣe àáró!” Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ariwo yẹn rí kò ní fi ohùn ẹni tó kàn ń gbà fún ni ṣì í. Ẹni tó gbà fún ọ á ní, “Ó ṣeé ṣe.” Ẹni tó rí ohun tó sọ nù kì í sọ bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a rìn.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. A padà sínú ìwé, a sì yẹ gbogbo ibi tí ìlà mẹ́ta yẹn ti jáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní orí kan, ọkọ ìyàwó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko. Bàbá fẹ́ kọ àáró síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àlàyé kan náà ni wọ́n ti fi ṣe é. Mo bi wọ́n bóyá àna náà ń bọ̀ wá san án pẹ̀lú ọkọ́ ní èjìká. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ̀wẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rí àyè tirẹ̀ níwájú.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ló máa ń fò lọ. Òǹkọ̀wé a máa kọ “wọ́n kórè” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ kò sì ní dùn sí i. Mo máa ń bi í pé kí ni ọwọ́ ń ṣe gan-an. Bí ọwọ́ bá wà lára ọsàn, ká ni. Bí ó bá jẹ́ ewé, já ni. A máa ń ya àgbàdo, a máa ń wu iṣu nílẹ̀. Bákan náà, ẹni tó sọ fún mi pé òun ń wá “ohun tó ń mú iná ràn ní ilé alágbẹ̀dẹ” kò rí ẹwìrì títí mo fi ní kó ṣe bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Bí ó ṣe ní “ó ń fín iná,” ọ̀rọ̀-ìṣe fa orúkọ jáde.

Ewu kan wà tí mo máa ń sá fún. Yorùbá rọrùn láti fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Fi a, ì tàbí oní síwájú, o ti ní orúkọ tó dún létí. Nígbà tí ó bá rẹ ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀, ó lè gba ayédèrú bẹ́ẹ̀, kó sì rò pé òun ti gbọ́ ọ rí. Nítorí náà, mo máa ń wá àgbà méjì tí kò mọ ohun tó ń lọ. Mo máa ń ṣàlàyé ìtumọ̀ fún èkíní láìdárúkọ ọ̀rọ̀, mo máa ń dárúkọ ọ̀rọ̀ fún èkejì láìṣàlàyé. Bí èkíní bá dárúkọ kan náà, tí èkejì sì ṣàlàyé ohun kan náà, ọkàn mi á balẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀, mo máa ń béèrè ìlú wọn kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí ohun tí ẹnì kan ń pè ní ànàmọ́, ọ̀dùnkún ni ẹlòmíràn ń pè é, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo èyí kò mú nǹkan jáde. Nígbà náà, àlàyé ni mo máa ń ní kí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kó gé e kúrú, kó sì jẹ́ kó mọ́ sójú kan. Àlàyé tó tọ́ sàn ju orúkọ tó sún mọ́ ọn lọ, nítorí ẹni tó bá ka ọ̀wẹ̀ níbi tí àáró yẹ kó wà kò ní mọ̀ láé pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn jẹ ara wọn ní gbèsè.