‘Wa’, ‘ga’ àti ‘o’: ìwé ìdánrawò kan tí wọ́n gbé wá bá mi ní Ọ̀kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá kí mi nílé ní Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ ló ti wá, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́. Ìyá rẹ̀ wà nínú kíláàsì mi nígbà kan. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ èdè Jàpáànù, torí ó fẹ́ lọ kàwé sí i lọ́hùn-ún. Ó kí mi tán, ó yọ ìwé kan jáde nínú báàgì, ó ní, “Bàbá, ó jọ pé orí mi ò gba èdè yìí. Máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Mo fẹ́ fi sílẹ̀.”

Mo wo ìwé náà dáadáa. Kì í ṣe orí ọmọ náà nìkan ló yẹ ká yẹ̀ wò. Orí ẹni tó ṣe ìbéèrè náà wà níbẹ̀.

Ìdánrawò tí a fi ń kún àlàfo ni. Gbólóhùn mẹ́wàá, àlàfo kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta fi dí i. Àkọ́kọ́ ni は, tí wọ́n ń pè ní ‘wa’ bí ó bá wà ní ipò yìí. Ó máa ń tẹ̀ lé ohun tí a ti gbé kalẹ̀ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìkejì ni が, ‘ga’, tó ń tẹ̀ lé olùwà. Ìkẹta ni を, ‘o’, tó ń tẹ̀ lé àbọ̀. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ló ń sọ fún ni ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tí wọ́n ṣe é sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Márùn-ún tí wọ́n fa igi lé lórí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì tí inú bí mi sí. Gbólóhùn kan nìyí: Tanaka-san ( ) sensei desu. ‘Sensei’ ni olùkọ́. Ọmọ yìí kọ ‘ga’. Ìwé ìdáhùn ní ‘wa’ ni. Wọ́n fa igi lé e. Ìkejì ni: Watashi ( ) ikimasu. ‘Watashi’ ni èmi, ‘ikimasu’ ni lílọ. Ó tún kọ ‘ga’, ìwé tún ní ‘wa’ ni.

Àwa Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á fún wa pé gbólóhùn méjèèjì lè gba ‘wa’, wọ́n sì lè gba ‘ga’. Bí ẹnì kan bá bi yín pé, “Iṣẹ́ wo ni Tanaka ń ṣe?”, ẹ ó ní, “Olùkọ́ ni Tanaka.” Bó bá bi yín pé, “Ta ni olùkọ́ nínú wọn?”, ẹ ó ní, “Tanaka ni olùkọ́.” Kò sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, àfi ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Èyí àkọ́kọ́ ni ‘Tanaka-san wa sensei desu’. Èyí kejì ni ‘Tanaka-san ga sensei desu’. Bákan náà, ẹni tó kàn ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe á ní ‘Watashi wa ikimasu’: mò ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn ó rán níṣẹ́, tí ọmọ kan sì yọjú pé, “Èmi ni n ó lọ,” ‘Watashi ga ikimasu’ ló sọ yẹn. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ rárá.

Ṣé ẹ wá rí i? Ìbéèrè tó ṣáájú ló ń yan ọ̀rọ̀ náà, ìwé ìdánrawò yìí sì ti gé ìbéèrè náà dànù. Ẹni tó ṣe é mọ ìdáhùn tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ ni, ó wá ń fìyà jẹ ẹni tí kò lè rí inú rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ báyìí ni, kò ní sí wàhálà:

Dare ga sensei desu ka. — Tanaka-san ( ) sensei desu.

‘Dare’ ni ‘ta’. Ìbéèrè yìí ti fi hàn pé ẹni tó jẹ́ olùkọ́ là ń wá, ‘ga’ nìkan ló sì lè wọ àlàfo náà. Ẹ kíyè sí i pé ‘dare’ fúnra rẹ̀ kì í gba ‘wa’ nírú ìbéèrè báyìí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ pé òun ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí òun ò tíì mọ̀? Ohun kan náà ló dé tí ‘ní ti ta’ kò fi já gaara lẹ́nu wa, tó jẹ́ ‘ta ni’ là ń sọ.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ẹyọ kan péré: Ame ( ) futte imasu. Òjò ń rọ̀. Ọmọ náà kọ ‘wa’, ìwé ní ‘ga’ ni. Níbí, ìwé ló jàre. Ẹni tó wo ojú fèrèsé, tó rí òjò, tó sì sọ ohun tó rí, kò gbé òjò kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lé e. Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló jẹ́ tuntun. ‘Ga’ ló ń gba irú rẹ̀. Bó bá sọ pé ‘ame wa’, olùgbọ́ á máa retí ìyókù: òjò ń rọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò fẹ́. Ìdí nìyí tí Susumu Kuno, onímọ̀ èdè tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard, fi pín ‘ga’ tó ń tẹ̀ lé olùwà sí méjì nínú ìwé rẹ̀ lórí èdè Jàpáànù ní 1973. Ọ̀kan ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, èkejì ń tọ́ka sí ẹnì kan pé òun gan-an ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó pín ‘wa’ náà sí méjì: èyí tó ń gbé kókó ọ̀rọ̀ kalẹ̀, àti èyí tó ń fi nǹkan wé nǹkan.

Ọ̀nà kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Eigo ( ) wakarimasu. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà wo Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó rí ẹni tó ń ṣe nǹkan, ó rí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó rí àbọ̀, ló bá kọ ‘o’. Ìwé ní ‘ga’ ni. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí i ní: Sakana ( ) suki desu. Ẹja ni ‘sakana’. Ó kọ ‘o’, ìwé ní ‘ga’ ni. Wọn ò sọ ìdí. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí ó há a sórí.

Mo bi í pé, “Ọmọ mi, báwo lo ṣe máa sọ ‘eigo ga wakarimasu’ ní Yorùbá?” Ó ní, “Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.” Mo ní kó wá ọ̀nà mìíràn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Gẹ̀ẹ́sì yé mi.” Ó wá dákẹ́. Ó rí i.

Nínú “Gẹ̀ẹ́sì yé mi”, kí ni olùwà? Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe ohunkóhun sí i. Òun ló yé, èmi ló yé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘wakaru’ rí. Ẹja ń kọ́? “Ẹja wù mí.” Ẹja ni olùwà. Mi ò ní ‘wù’ àti ‘suki’ jọra délẹ̀délẹ̀, torí ‘suki’ kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ibi tí olùwà wà bára mu. Bí a bá sì fẹ́ fi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kún un, ‘wa’ á wọlé: Watashi wa sakana ga suki desu. Ní tèmi, ẹja ló wù mí. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò sípò.

Mo mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo na ọwọ́ sí òkè tó wà níwájú wa. Òkè ò wọ́n wa ní Àkókó. Mo ní, “Òkè hàn.” Ó ní, “Yama ga miemasu.” Mo ní, “Mò ń wo òkè.” Ó ní, “Yama o mimasu.” Hàn àti wò. Èyí tí òkè fúnra rẹ̀ hàn gba ‘ga’, èyí tí mo fi ojú mi wò gba ‘o’. Kò ṣì í.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí sáré kọjá ibi tó mọ. Ó ní ibi tí Yorùbá yóò ti ṣì wá lọ́nà. Mo bi ọmọ náà pé, “Nani o tabemashita ka?” Kí lo jẹ? Ó dáhùn kíá pé, “Iyan ga tabemashita.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, “Iyán jẹun? Kí ni iyán jẹ?” Ohun tó ṣe kò pamọ́. Lọ́kàn, “Iyán ni mo jẹ” ló sọ, ó rántí pé ‘ni’ bá ‘ga’ lọ, ó sì fi ‘ga’ sí i. Ṣùgbọ́n ‘ni’ tiwa máa ń tẹ̀ lé olùwà, ó sì máa ń tẹ̀ lé àbọ̀. ‘Ga’ ò tẹ̀ lé irú àbọ̀ yẹn. ‘Iyan o tabemashita’ ni ìdáhùn, torí ‘o’ ló wà nínú ìbéèrè. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú gbólóhùn ṣáájú kí ‘ni’ tó tàn yín. Àwọn kan sì wà tí Yorùbá ò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. ‘Dekiru’, tó jẹ́ kéèyàn lè ṣe nǹkan, gba ‘ga’, bẹ́ẹ̀ “mo lè gbá tẹníìsì” là ń sọ. Ìyẹn, àkọ́sórí ni.

Mo tún máàkì rẹ̀ gbé. Méjì tó jẹ mọ́ Tanaka àti ‘watashi’, mo dá a padà fún un. Mi ò dá ti òjò padà, mi ò sì dá ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti ẹja padà, torí àṣìṣe ni wọ́n lóòótọ́. Méje nínú mẹ́wàá. Ẹni tó gba méje kò ní ìdí láti fi nǹkan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní èdèkédè, tí ẹ sì ń ṣe ìdánrawò, ẹ̀sùn mi kò ju èyí lọ. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá lè wọ àlàfo kan, tí ìtumọ̀ méjèèjì sì mọ́gbọ́n wá, ẹ kọ ìbéèrè tó ṣáájú sí i, tàbí kí ẹ gba ìdáhùn méjèèjì. Ẹ má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ojú Gẹ̀ẹ́sì wo ohun tí èdè ìyá rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà padà sí Ìkàrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó tó lọ, ó fi bírò kọ ‘yé’, ‘wù’ àti ‘hàn’ sí ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì fa ìlà sábẹ́ wọn.