Ta Ló Wà Lórí Pósítà Yẹn?

Fi pósítà fíìmù *Pulp Fiction* ti ọdún 1994 han ẹnikẹ́ni, kíá ló máa ní Uma Thurman nìyẹn. Akọ̀wé àkójọ tó mọṣẹ́, ẹni tó ń kọ àpèjúwe àwòrán sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i wá lọ́la, kì í sáré bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ máa ń wù mí wò.

Kì í kọ́kọ́ ka orúkọ. John Travolta ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lórí pósítà náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ojú Travolta níbẹ̀ rárá. Àdéhùn àti ipò òṣèré ló ń to orúkọ, ẹni tó bá fi orúkọ tú ojú yóò sọ Travolta di obìnrin. Ara àwòrán ni akọ̀wé ń wò. Obìnrin kan fi ikùn dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìtàn olówó pọ́ọ́kú wà níwájú rẹ̀, ìbọn sì wà nítòsí. Irun rẹ̀ dúdú, wọ́n gé e dọ́gba níwájú orí. Irun Uma fúnra rẹ̀ kò dúdú. Wíìgì ni, Mia Wallace, ẹ̀dá ìtàn tí Uma ṣe nínú fíìmù náà, ló sì ni ín.

Ẹnìkan lè jiyàn pé Mia kò dùbúlẹ̀ báyìí níbì kankan nínú fíìmù. Òótọ́ ni: Firooz Zahedi ló ya fọ́tò náà fún ìpolówó. Síbẹ̀, Mia ni wọ́n múra Uma bí. Akọ̀wé á wá kọ ìlà méjì. Ẹni tí àwòrán fi hàn: Mia Wallace, ẹ̀dá ìtàn. Òṣèré tó ṣe é: Uma Thurman. Bí wọ́n bá ya Uma níbi ayẹyẹ, tó wọ aṣọ tirẹ̀, ìlà kìíní á yí padà.

*Ẹlẹ́ṣin Ọba* tí Biyi Bandele darí, tó jáde ní 2022, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdúnladé Adékọ́lá, ọkùnrin tí gbogbo wa ń fi ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù láti fi ṣẹ̀fẹ̀, ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. (Ọ̀pọ̀ ojú wọ̀nyẹn náà, inú eré ni wọ́n ti wá, àwa la sọ wọ́n di Ọdúnladé.) Inú eré Wọlé Ṣóyínká ti 1975 ni fíìmù náà ti wá, ìṣẹ̀lẹ̀ tó wáyé ní Ọ̀yọ́ ní 1946 ló sì bí eré náà. Ẹni gidi kan wà nídìí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó já fáfá kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà ẹni tí àwòrán fi hàn, torí Ṣóyínká ti yí nǹkan padà, ó tilẹ̀ ti ìtàn náà sẹ́yìn sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìlà ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìtàn ti ṣẹ̀ wá.

Bí ó bá wá jẹ́ èèpo ìwé Ṣóyínká ti 1975 ló wà níwájú akọ̀wé, tí ayàwòrán fi ọ̀dà ya Ẹlẹ́ṣin sí, ìlà òṣèré á ṣófo. Ọwọ́ á fẹ́ yún èèyàn láti kọ Ọdúnladé síbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe é: ní 1975, wọn ò tíì bí Ọdúnladé.