Níbo ni Ọgbẹ́ Náà Wà? Àtúnyẹ̀wò Ìpínsísọ̀rí Afásíà Méjì

Nínú àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a fi ń kọ́ni, gbólóhùn méjì ni a sábà máa ń bá lórí afásíà, èyí ni àìlèlo-èdè tí ọgbẹ́ inú ọpọlọ ń fà. Bí ọgbẹ́ bá wà ní agbègbè Broca, aláìsàn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ọ́. Bí ó bá wà ní agbègbè Wernicke, yóò máa sọ̀rọ̀ lọ gbuurugbu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní yé e. Ohun tí mo fẹ́ jiyàn lé lórí níhìn-ín ni pé ìdajì òtítọ́ ni àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, àti pé èdè Yorùbá mú kí àbùkù wọn túbọ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ aláìsàn tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Leborgne lo ọdún 21 ní ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris. ‘Tan, tan’ nìkan ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àfi bí inú bá bí i tí èébú sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Paul Broca bi í léèrè ní 1861 iye ọdún tí ó ti lò níbẹ̀, ó na ìka márùn-ún ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì fi ìka kan kún un. Ọ̀rọ̀ yé e, iye rẹ̀ sì pé. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún náà. Broca rí ọgbẹ́ ní ìsàlẹ̀ apá iwájú ọpọlọ lọ́wọ́ òsì, ó sì sọ pé ibẹ̀ ni ibùdó ọ̀rọ̀ sísọ.

Kò gé ọpọlọ náà wò. Ó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí Dronkers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ ayàwòrán olóòfà wo inú rẹ̀ ní 2007. Wọ́n rí i pé ọgbẹ́ náà jìn ju ohun tí Broca fi ojú rí lọ. Ó wọ ínsúlà, ó sì gé okùn tí ó so iwájú ọpọlọ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mohr àti àwọn mìíràn ti fi hàn ṣáájú, ní 1978, pé ọgbẹ́ tí ó mọ sí agbègbè Broca nìkan kì í fa afásíà Broca tí ó máa wà títí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn sábà máa ń padà dé láìpẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ẹ̀yìn. Ibi tí Wernicke tọ́ka sí ní 1874 ni ẹ̀yìn òkè ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n kí àìgbọ́ye tó le koko tó sì pẹ́, ọgbẹ́ sábà máa ń gbòòrò kọjá ibẹ̀.

Kí ló wá dé tí ìpín méjèèjì ṣì wúlò? Ẹ̀jẹ̀ ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, ó sì pín sí ẹ̀ka òkè àti ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá dí, ibi ọ̀rọ̀ sísọ àti ibi tí ó ń darí apá ọ̀tún a máa bàjẹ́ pọ̀. Ìdí nìyí tí aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ fi sábà máa ń rọ lápá ọ̀tún. Bí ti ìsàlẹ̀ bá dí, apá àti ẹsẹ̀ lè wà láìní àbùkù kankan. Ewu sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń rìn dáadáa, tí ó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìní ìtumọ̀, wèrè ni ilé yóò pè é, wọn kò ní ronú kan rọpárọsẹ̀. Èdè wa pàápàá tún dá kún un: bí wọ́n bá ní ‘kò gbọ́’, ó lè jẹ́ etí ni, ó lè jẹ́ òye, ó sì lè jẹ́ oríkunkun. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ fún un pé, ‘Ẹ fi ọwọ́ òsì kan etí ọ̀tún yín’, láìfi ojú tàbí ọwọ́ júwe rárá. Bí ó bá kùnà, tí ó sì ń yíjú sí ariwo tí a pa lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe adití.

Nípa Yorùbá fúnra rẹ̀, àmì tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń wá lára aláìsàn Broca ni jíjá àfòmọ́ ìgbà kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘Lọ’ ti wa kò ní irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó lè já. Ẹ jẹ́ kí a ro ó pé aláìsàn kan fẹ́ sọ pé, ‘Mo ti ń lọ sí ọjà kí òjò tó dé’, tí ohun tí ó jáde sì jẹ́ ‘Lọ… ọjà… òjò… dé’. Ohun tí ó sọnù ni ‘mo’, ‘ti’, ‘ń’, ‘sí’, ‘kí’ àti ‘tó’. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a máa kà. Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wá yóò ka àìsàn náà sí kékeré. Ìdánwò kan tún wà níbẹ̀ fún àríyànjiyàn àtijọ́ wa lórí sílébù olóhùn òkè tí ń tẹ̀lé olùwà, bí i ti ‘ọmọ́ lọ’. Bí ó bá jẹ́ wúnrẹ̀n gírámà, ó yẹ kí ó já pẹ̀lú ‘ti’ àti ‘ń’.

Ti aláìsàn Wernicke ni ó le jù. Bí ó bá wo ọkọ́ tí a fi ń roko, tí ó sì pè é ní ‘ọkọ̀’, ohùn ni ó ṣì ni, àbí ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó mú? Ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè yanjú rẹ̀. A ní láti fi àwọn ohun tí ìyípadà ohùn kò lè sọ orúkọ wọn di ọ̀rọ̀ mìíràn dán an wò lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ohùn ibẹ̀ náà ń yẹ̀.